Ọdún Tí Wọ́n Bí Màmá Àgbà

Ìwé mẹ́ta ló wà nínú báàgì tí Màmá Àgbà fi ń tọ́jú nǹkan pàtàkì, ọdún ìbí mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló sì wà nínú wọn. Káàdì ilé ìwòsàn sọ pé 1935. Káàdì ìdìbò ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 1940. Ìwé tí ṣọ́ọ̀ṣì kọ nígbà tí wọ́n ń ka àwọn opó inú ìjọ ní 1930. Màmá kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó jókòó sídìí tábìlì ló bi wọ́n pé ọmọ ọdún mélòó ni wọ́n, Màmá ní àwọn ò mọ̀, onítọ̀hún wo ojú wọn, ó wo ewú orí wọn, ó sì kọ èyí tó rò pé ó jọ ọ́.

Ẹ wo àwọn ọdún náà dáadáa. Òdo tàbí márùn-ún ló parí gbogbo wọn. Àwọn tó ń yẹ àbájáde ìkànìyàn wò ní Nàìjíríà ti mọ irú èyí tipẹ́: àwọn tó pe ara wọn ní ẹni 40 ọdún, 50 ọdún àti 60 ọdún máa ń pọ̀ rẹpẹtẹ ju àwọn tó ní 41 tàbí 53 lọ. Kì í ṣe pé àwọn ìyá wa dìídì yan ọdún tí wọn yóò bímọ. Ẹni tí kò bá mọ iye gan-an, iye tó rọ ahọ́n lọ́rùn ló máa ń mú. Ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní náà kò yàtọ̀. Níbi tí fọ́ọ̀mù bá ti ní kí a kọ ọjọ́ tí a kò mọ̀, ibẹ̀ ni akọ̀wé ń sá sí. Nítorí náà, bí ẹ bá rí irú ọdún bẹ́ẹ̀ lórí ìwé àgbàlagbà, ohun tí akọ̀wé rò lẹ rí yẹn. Ẹ kò tíì rí ọdún ìbí.

Ohun tó gbé ọ̀rọ̀ náà dìde nínú ilé wa ni pé àwọn òbí wa fẹ́ kí wọ́n búra ọjọ́ orí fún Màmá ní kóòtù, kí gbogbo ìwé wọn lè bára mu. Ẹni tí yóò búra gbọ́dọ̀ dárúkọ ọdún kan. Èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? Àwọn òbí wa ní kí á mú èyí tó wà láàárín. Àwa ọmọ-ọmọ, tí a jẹ́ mẹ́rin nínú ọ̀rọ̀ yìí, kò gbà. A ní kí wọ́n fún wa láyè díẹ̀ ná.

Kò sí ẹni tó ṣe àìdáa sí Màmá tí wọn ò fi mọ ọdún tí wọ́n bí wọn. Abà kan lẹ́yìn Abẹ́òkúta ni wọ́n bí wọn sí, níbi tí ohun tí gbogbo ènìyàn nílò láti mọ̀ kò ju ẹni tó ṣáájú ẹni lọ. Màmá mọ ẹni tí àwọn ń kúnlẹ̀ kí, wọ́n mọ ẹni tó ń kúnlẹ̀ kí wọn, títí dé orí ìyàwó ilé tó wọlé ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé tiwọn. Òfin tó sọ ọ́ di dandan káàkiri Nàìjíríà pé kí á fi orúkọ ọmọ tuntun sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, 1979 ló jáde. Nígbà yẹn Màmá ti ń gbé ọmọ-ọmọ jó.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ló là wá lọ́yẹ̀ lórí bí a ó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ó ní kí ẹnikẹ́ni nínú wa má ṣe dárúkọ iye ọdún kankan níwájú Màmá. Bí a bá bi wọ́n pé, “Màmá, ṣé ẹ ti tó ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà yẹn?” wọn yóò ní bẹ́ẹ̀ ni, torí pé ọmọ tí wọ́n fẹ́ràn ló ń béèrè, wọn ò sì fẹ́ já a kulẹ̀. Bí ẹlòmíràn bá dé lọ́la tó ní, “Ṣé ẹ tó méje?” bẹ́ẹ̀ ni náà ni. Ìbéèrè tó lérè ni èyí tó ní í ṣe pẹ̀lú ara àti iṣẹ́. Kí ni ẹ lè gbé? Ta ló ń gbé omi rù yín? Ṣé ẹ ti ń dá ọjà lọ? Ta lẹ ń pọ̀n, àbí wọ́n ṣì ń pọ̀n yín? Ènìyàn lè gbàgbé iye, ṣùgbọ́n kò ní gbàgbé ẹrù tó wà lórí rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ̀rù bà á.

Ọjọ́ tí ẹ̀rù ba Màmá jù ní èwe ni ọjọ́ tí ọ̀sán di òru. Wọ́n ti sọ ìtàn náà fún wa láìmọye ìgbà, ṣùgbọ́n àwa ò gbọ́ ọ bí ẹni tó ń wá ọdún rí. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀ láti odò, oúnjẹ ọ̀sán ti dà nínú, oòrùn ń ràn, ni ojú ọjọ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, ó ṣú díẹ̀díẹ̀, adìẹ ń wọ ilé. Àwọn àgbà ń lu abọ́, wọ́n ń kígbe. Màmá ju kèrègbè omi sílẹ̀, wọ́n sá lọ bá ìyá wọn, wọ́n sì ní ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù jù ni ọmọ ẹ̀yìn wọn, torí ó ń ké.

Ọmọ ẹ̀yìn! Èyí tó kéré jù nínú wa ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ. “Màmá, ta lẹ pọ̀n?” Wọ́n ní àbúrò àwọn ọkùnrin, èyí tó gbẹ̀yìn gbogbo wọn. Ṣé ó ti ń rìn? Wọ́n ní ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ta gẹ́gẹ́ ni. Kèrègbè yẹn ńkọ́, ṣé àwọn fúnra wọn ló gbé e rù? Rárá o, ẹ̀gbọ́n àwọn ló máa ń gbé e rù àwọn, ó wúwo fún àwọn láti gbé sókè láti ilẹ̀.

Ọjọ́ yẹn kò ṣòro láti rí. Ọjọ́ 20 oṣù Karùn-ún 1947, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, oṣùpá kọjá níwájú oòrùn, òjìjí rẹ̀ sì gba orí òkun láti Brasil wá sí Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ó gba Gólùkósì àti Dàhòmì kọjá wọ gúúsù Nàìjíríà. Àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ lè ṣírò ọ̀nà irú òjìjí bẹ́ẹ̀ sẹ́yìn fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún láìṣìnà, ìdí nìyẹn tí kò fi sí ẹ̀rí tó le tó o nínú ìrántí àwọn àgbà. Ohun kan ṣoṣo tó yẹ kí ènìyàn ṣọ́ra fún ni kí ó má lọ da ọ̀kan pọ̀ mọ́ òmíràn. Oòrùn tún wọ abẹ́ òṣùpá ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta 2006, ọ̀pọ̀ nínú wa ló sì rántí ìyẹn. Ṣùgbọ́n òwúrọ̀ ni ti 2006. Ti 1947, lẹ́yìn ọ̀sán ni. Màmá ti jẹun ọ̀sán.

Ọmọbìnrin tó lè pọ̀n ọmọ tó ń kọ́ ìrìn, tó sì lè ru omi ṣùgbọ́n tí kò lè gbé e rù ara rẹ̀, ọmọ ọdún mélòó nìyẹn? A lọ wo àwọn ọmọ tó wà ní àdúgbò wa. Ọmọ ọdún márùn-ún kò lè pọ̀n ọmọ ọdún kan dé odò kó sì pọ̀n ọ́n padà. Ọmọ ọdún méjìlá kò nílò kí ẹnikẹ́ni gbé kèrègbè rù ú. A fi sí àárín méje sí mẹ́wàá. Bí a bá yọ ọ́ kúrò nínú 1947, ó bọ́ sí 1937 sí 1940. Ọdún 1930 tí ṣọ́ọ̀ṣì kọ ti já. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ilé ìwòsàn, 1935, torí ìyẹn yóò sọ wọ́n di ọmọ ọdún méjìlá.

Àmọ́ ẹnì kan nínú wa gbé àtakò dìde, ó sì tọ̀nà láti gbé e. Àbúrò Màmá tí wọ́n pọ̀n lọ́jọ́ náà ti kú, ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀rí ilé-ìwé rẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ rẹ̀, ọdún ìbí tó wà níbẹ̀ sì ni 1949. Báwo ni ẹni tí wọ́n bí ní 1949 ṣe wà lẹ́yìn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní 1947? Ọ̀kan nínú ẹ̀rí méjèèjì kò lè dúró.

Ọdún tó wọlé ni a wá bẹ̀rẹ̀ sí í wò. Oṣù Kìíní 1955 ni, nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, tí àwọn òbí sì ń kó ọmọ lọ síwájú ilé-ìwé bí ẹni ń lọ ọdún. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni wọ́n ń retí. Ẹni tí kò ní ìwé, wọn yóò ní kó gbé ọwọ́ ọ̀tún kọjá lórí kó fi kan etí òsì. Bí ọwọ́ bá kan etí, ó wọlé. Àyẹ̀wò yẹn lè mọ ọmọ tó kéré jù, ṣùgbọ́n kò lè mọ èyí tó ti dàgbà jù. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án náà yóò fi ọwọ́ kan etí, kódà yóò fi gbá a mú. Bí olùkọ́ bá wá ń kọ orúkọ sínú ìwé, yóò yọ mẹ́fà kúrò nínú 1955, yóò sì kọ 1949 fún gbogbo wọn. Ẹ bi àwọn tó wọlé lọ́dún yẹn ní ìlú yín, ẹ ó bá 1949 pàdé títí yóò fi sú yín. Àwọn tó bá a kàwé sọ fún wa pé òun ló ga jù ní kíláàsì. Ìwé rẹ̀ kò já ẹ̀rí Màmá rárá, ó fi hàn bí wọ́n ṣe ṣe é ni.

Ó ku bí a ó ṣe mú ọdún mẹ́rin di ọ̀kan. Ibẹ̀ ni Màmá Ìtòkò ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀gbọ́n Màmá Àgbà ni wọ́n, Ìtòkò ni wọ́n gbé lọ́kọ, ojú wọn kò ríran mọ́ ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu wọn gún. Nígbà tí a bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀ ọ̀sán tó di òru, wọ́n ní àwọn rántí, ṣùgbọ́n ohun mìíràn ni àwọn rántí jù nípa ọdún yẹn. Wọ́n ní ọdún yẹn ni agbowó-orí dá àwọn dúró lójú ọ̀nà.

Ní Ẹ̀gbá nígbà náà, obìnrin ń san owó orí tirẹ̀ lọ́tọ̀, láti ìgbà tó bá ti di ọmọ ọdún 15. Ta ló wá mọ ọmọ ọdún 15 nínú àwùjọ tí kò sí ìwé ìbí? Àyà ọmọbìnrin ni àwọn agbowó-orí ń wò. Ó wà nínú ẹ̀sùn tí Ẹgbẹ́ Obìnrin Abẹ́òkúta, tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì jẹ́ olórí rẹ̀, gbé síta pé wọ́n ń bọ́ aṣọ lára àwọn ọmọdébìnrin láti wò bóyá wọ́n ti tó sanwó. Ọ̀rọ̀ owó orí yìí wà lára ohun tó kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin lọ sí iwájú ààfin Aké ní òpin 1947, tí wọ́n sùn síbẹ̀ mọ́jú, títí tí ọ̀rọ̀ fi dé ibi tí Aláké Adémọ́lá fi orí oyè sílẹ̀ ní oṣù Kìíní 1949. Mo máa ń gbọ́ kí àwọn ènìyàn sọ pé àìmọ ọjọ́ orí kò pa àwọn baba wa lára. Ó pa àwọn ọmọbìnrin Ẹ̀gbá lára. Ẹni tí kò ní ìwé ló di dandan fún láti fi ara rẹ̀ ṣe ìwé.

Màmá Ìtòkò ní ìyá àwọn bú sí i, ó ní ọmọ òun kò tíì rí nǹkan oṣù, pé kí agbowó-orí náà lọ wá ẹni tó tó sanwó. Ó jọ ọ̀rọ̀ kékeré, ṣùgbọ́n ó gbé wa síwájú. Ọmọbìnrin tí agbowó-orí rò pé ó ti tó 15, tí ìyá rẹ̀ ní kò tíì dàgbà, kò ní jìnnà sí 14 tàbí 15 ní 1947. Ìyẹn gbé ìbí Màmá Ìtòkò sí nǹkan bí 1932 tàbí 1933. Ọmọ kan wà láàárín wọn àti Màmá Àgbà, tó kú ní ìkókó.

Ẹ rántí bí àwọn ìyá wa ṣe ń bímọ nígbà náà. Ọmọ yóò mu ọmú fún bí ọdún méjì àbọ̀ sí mẹ́ta, ìyá kò sì ní padà sí yàrá ọkọ títí yóò fi já a lẹ́nu ọmú. Ìtìjú ni fún obìnrin kí ó lóyún nígbà tí ọmọ ṣì wà lẹ́nu ọmú. Nítorí náà nǹkan bí ọdún mẹ́ta ló máa ń wà láàárín ọmọ kan àti èkejì, ó sì ṣeé fi ka ọdún bí àkàbà. Ó ní ibi tó ti ń tàn ni jẹ: bí ọmọ bá kú ní ìkókó, ìyá lè tètè lóyún míràn, ọdún mẹ́ta yóò sì di méjì. Ọmọ tó kú láàárín àwọn méjèèjì, kò sí ẹni tó lè sọ bó ṣe dàgbà tó kó tó kú. Bí a bá ka ọdún márùn-ún sí mẹ́fà láti orí Màmá Ìtòkò, a bọ́ sí àárín 1937 àti 1939. Àkàbà yìí kò lè dá mú ọdún kan ṣoṣo wá, ṣùgbọ́n ọ̀nà ọ̀tọ̀ ló gbà dé ibi tí oòrùn gbé wa dé, inú wa sì dùn.

Ohun tó wá dì í pinpin ni orúkọ. Orúkọ tí wọ́n sọ Màmá Àgbà wà lára àwọn tí a ń sọ ọmọbìnrin tó dé lẹ́yìn ikú ìyá ńlá, bíi Yétúndé àti Ìyábọ̀. A ti ń pe orúkọ náà láti ìgbà tí a ti dáyé, kò sí ẹni tó béèrè pé ìyá wo ló kú. Ìyá bàbá wọn ni. Onígbàgbọ́ ni ìyá náà, wọ́n sin ín sí ẹ̀yìn ilé bàbá wọn, wọ́n sì mọ símẹ́ǹtì lé e lórí. A ha koríko kúrò, a fi omi àti búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́. Oṣù Keje 1938 ló wà níbẹ̀.

Irú orúkọ bẹ́ẹ̀ kò sọ pé ọmọ dé lọ́dún kan náà. Ìdílé lè dúró ọdún márùn-ún kí ọmọbìnrin tó dé tí wọn yóò fi sọ orúkọ náà. Ohun tó sọ fún wa ni pé Màmá kò dé ṣáájú oṣù Keje 1938, ó sì pa 1937 rẹ́. A padà lọ sí Ìtòkò. A bi Màmá Ìtòkò léèrè ohun tí wọ́n rántí nípa ìsìnkú ìyá ńlá náà. Wọ́n ní kékeré làwọn wà, ṣùgbọ́n àwọn rántí pé àwọn àgbà ò jẹ́ kí ìyá àwọn sún mọ́ ẹ̀bá sàréè, pé ó dúró sínú ilé pẹ̀lú àwọn ọmọdé, ó ń sunkún. Kí ló dé tí wọn ò jẹ́ kó jáde? “Ṣé ẹ ò mọ̀ ni? Ó lóyún ìyá yín.”

Oyún tí àwọn àgbà ti mọ̀ dé ibi tí wọ́n fi ń dá aboyún dúró ti lé ní oṣù mẹ́ta. Ẹni tó ti lóyún oṣù mẹ́ta ní àárín oṣù Keje 1938, kò ní kọjá àárín oṣù Kìíní 1939 kó tó bí i. Ẹ̀gbẹ́ kan ti dí, ẹ̀gbẹ́ kejì náà ti dí, oṣù mẹ́fà péré ló ṣẹ́ kù láàárín.

Màmá Àgbà fúnra wọn ló mú ìyókù wá, láìmọ ohun tí wọ́n mú wá. Wọ́n ní ìyá àwọn máa ń sọ pé omi gbígbóná ni wọ́n fi wẹ àwọn lọ́jọ́ tí wọ́n bí wọn, pé ọyẹ́ mú débi tí ètè agbẹ̀bí là, tí wọ́n sì fi aṣọ òkè bàbá àwọn wé àwọn. Oṣù Kọkànlá sí oṣù Kejì ni ọyẹ́ ń mú lọ́dọ̀ wa, ó sì máa ń le jù ní oṣù Kejìlá àti oṣù Kìíní. Ó bọ́ sí òpin 1938 tàbí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ 1939. Nígbà tí ogun Hítílà bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án 1939, wọn yóò ti tó ọmọ oṣù mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án lẹ́yìn ìyá wọn. Lọ́jọ́ tí ilẹ̀ ṣú lọ́sàn-án, wọ́n jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ ó lé oṣù díẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́jọ lè pọ̀n ọmọ. Kò lè gbé kèrègbè omi rù ara rẹ̀.

A gbé 1938 fún àwọn òbí wa, oṣù Kejìlá, wọ́n sì lọ búra rẹ̀ ní kóòtù. Mo fẹ́ kó yé ẹni tó bá ń ka èyí pé ìdajì oṣù kan ló lè sọ ọ́ di 1939, a ò sì ní bá ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ jà. Ohun tí kò lè jẹ́ mọ́ ni 1930, 1935 tàbí 1940. Nínú ìwé ńlá kan la kọ gbogbo rẹ̀ sí: ẹni tó sọ̀rọ̀, ohun tó sọ gan-an, ohun tí a fi wé e àti ibi tí kò ti dá wa lójú, torí iye nìkan kò tó fún ẹni tí yóò bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn wa.

Nígbà tí a kà á fún Màmá Àgbà, wọ́n gbọ́ ọ parí. Wọn ò sọ nǹkan kan nípa 1938. Ohun tí wọ́n béèrè ni bóyá a lè ṣe ti ìyá tó ń ta èlùbọ́ ní ọ̀kánkán ilé wa, tó ti ń jiyàn pẹ̀lú wọn láti ọdún gbọọrọ pé òun ló dàgbà jù. A ní a lè gbìyànjú rẹ̀. Kí a tó dìde, Màmá ti na ọrùn jáde lójú fèrèsé, wọ́n ń pè é: “Ẹ̀yin ìyá! Lọ́jọ́ tí ilẹ̀ ṣú lọ́sàn-án, ta lẹ pọ̀n?”

Ìyá yẹn ronú díẹ̀, ó ní òun ò pọ̀n ẹnikẹ́ni o, ẹ̀yìn ìyá òun lòun wà, wọ́n ló sọ bẹ́ẹ̀ fún òun ni.